Láti Ìlà Ọ̀rọ̀ Dé Kókó: Bí A Ṣe Ń Fi Kóòdù Sí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Nínú Ìwádìí Iṣẹ́ Agbẹ̀bí

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí tó ń ṣe ìwádìí fún oyè: "Mo ti gba ohùn sílẹ̀ tán, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo sì ti ń kọ nǹkan sí etí ìwé. Kí ló kàn?" Àwọn mìíràn ti rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù wọn ti lé ní igba, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa kó o jọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti kọ kókó mẹ́rin sílẹ̀, àmọ́ súpáfáísọ̀ dá iṣẹ́ náà padà: "Èyí kì í ṣe kókó, àkòrí lásán ni."

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń há yẹn gan-an ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ti ìtúpalẹ̀ oníkókó, ìyẹn thematic analysis, tí Virginia Braun àti Victoria Clarke là sílẹ̀ lọ́dún 2006 la máa tẹ̀ lé, torí òun ni àwọn súpáfáísọ̀ sábà máa ń béèrè. Ẹ má retí pé a máa lo àkókò kan náà lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láàárín ìkejì sí ìkẹrin ni wàhálà wà, ibẹ̀ la sì máa pẹ́ sí jù.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa lò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbéèrè ìwádìí yín ni: *Báwo ni àwọn agbẹ̀bí ṣe ń pinnu ìgbà tó yẹ kí wọ́n pe dókítà nígbà ìrọbí?* Agbẹ̀bí méjìlá lẹ bá sọ̀rọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bíi wákàtí kan. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ wọn fún àlàyé. Kò sí ẹni gidi kan tó sọ ọ́.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò:

- [ ] Ìbéèrè ìwádìí wà nínú gbólóhùn kan, níbi tí ojú yín á ti máa rí i ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí iṣẹ́.
- [ ] Orúkọ èèyàn, ti ilé ìwòsàn àti ti wọ́ọ̀dù ti kúrò nínú àkọsílẹ̀. AG01 títí dé AG12 ló rọ́pò wọn. Fáìlì tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà níbòmíràn, ó sì ní kọ́kọ́rọ́.
- [ ] Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nínú Word, ẹ lọ sí `Layout`, lẹ́yìn náà `Line Numbers`, kẹ́ ẹ sì yan `Continuous`.
- [ ] Ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa nílò rẹ̀ kọjá ìgbà tẹ́ ẹ rò, kìkì kó má ti kọjá àkókò tí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà fún yín.
- [ ] Àkọsílẹ̀ wà ní èdè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Bí ìjábọ̀ bá máa jẹ́ ní èdè mìíràn, ẹ fi kóòdù sí èyí tí wọ́n sọ gan-an, kẹ́ ẹ sì túmọ̀ kìkì àwọn àyọlò tẹ́ ẹ máa lò.

Ìpinnu kan wà tí kò ṣeé sún síwájú. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra làwọn èèyàn ń pè ní ìtúpalẹ̀ oníkókó. Nínú ti àkọ́kọ́, ojú olùṣèwádìí fúnra rẹ̀ wà lára irinṣẹ́. Kóòdù á máa yí padà bí òye rẹ̀ ṣe ń jinlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ṣe é. Nínú ìkejì, ẹ kọ́kọ́ ní ìwé kóòdù tó ti dúró. Èèyàn méjì á lò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì fi nọ́ńbà bíi kápà díwọ̀n bí wọ́n ṣe fẹnu kò tó. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó ń kó báni ni kéèyàn kọ ọ́ sínú orí kẹta pé ọ̀nà Braun àti Clarke lòun tẹ̀ lé, kó sì wá kó kápà jáde ní orí kẹrin. Àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ kedere pé ọ̀nà tiwọn kì í fi ìfẹnukò ẹni méjì díwọ̀n iṣẹ́, olùyẹ̀wò tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á sì bi yín. Ọ̀nà àkọ́kọ́ la máa tọ̀ níbí.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kà á, ẹ gbọ́ ọ

1. Ẹ tẹ́tí sí ohùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkọsílẹ̀ níwájú yín. Ẹ tún ibi tí títẹ̀ bá ti yẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rín, ìdákẹ́ gígùn àti ìmí ẹ̀dùn kún un nínú àkámọ́.
2. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ kà láìkọ kóòdù kankan.
3. Lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan nípa ohun tó jọ yín lójú àti ohun tó bí yín nínú.

Ohun tó bí yín nínú yẹn ṣe pàtàkì. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ agbẹ̀bí, ẹ ti ní èrò tiyín nípa ìgbà tó yẹ kéèyàn pe dókítà. Ẹ kọ èrò náà sílẹ̀ nísinsìnyí, pẹ̀lú déètì, kó má bàa gba ẹ̀yìn wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn olùkópa sọ.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi kóòdù sí i

Kóòdù ni àkọlé kúkúrú tẹ́ ẹ fi sí apá kan ọ̀rọ̀, tó sọ ohun tí apá náà ní í sọ nípa ìbéèrè yín. Ohun tí AG04 sọ rèé:

> 41 Lílù ọkàn ọmọ wà ní 112. Lórí ìwé, kò tíì burú.
> 42 Àmọ́ ojú ìyá yẹn ti yí padà, kò sì dá mi lóhùn mọ́.
> 43 Mo wo ẹnu ọ̀nà títí. Tí mo bá pè é, tó wá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan,
> 44 wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà mí. [ó rẹ́rìn-ín díẹ̀]
> 45 Mo wá ní kí ẹnì kejì mi bá mi gbọ́ ọkàn ọmọ náà,
> 46 kó lè jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ pè é.

Kóòdù tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni: *lílù ọkàn ọmọ*, *ìyá*, *ẹ̀rù*, *ẹlẹgbẹ́*. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìwúlò. Tẹ́ ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ "ẹ̀rù" lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rù pé ọmọ máa kú ni, ẹ̀rù dókítà ni, tàbí ẹ̀rù pé wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwádìí yín wá wá.

Ẹ gbìyànjú báyìí dípò rẹ̀:

- Ìlà 41–42: *nọ́ńbà dára, ara ìyá ń sọ nǹkan mìíràn*
- Ìlà 42: *kíka ìdákẹ́ ìyá sí àmì*
- Ìlà 43: *dídúró lẹ́yìn tí ọkàn ti fura*
- Ìlà 43–44: *bíbẹ̀rù orúkọ ojo bí ìpè bá já sófo*
- Ìlà 45–46: *wíwá ẹnì kejì kó tó pè*

Ẹ wò ó pé ìlà kan lè gba kóòdù méjì. Ìlà tí kò kan ìbéèrè yín kò sì nílò kóòdù rárá. Tí AG04 bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí bó ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá kóòdù dára: ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ olùkópa, kẹ́ ẹ ka kóòdù nìkan. Bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá lè mọ ohun tí wọ́n sọ ní ṣókí, ó dára. Bó bá ní láti béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹlẹgbẹ́ náà?", kóòdù náà kò tíì tó.

### Ohun tó sọ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Ní ojú ọ̀rọ̀, ìlà 45 sí 46 jẹ́ ti ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ láti gbọ́ ọkàn ọmọ. Àmọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn tú nǹkan mìíràn sílẹ̀: ó fẹ́ kí ẹ̀bi pín sí méjì bí ìpè náà bá já sófo. Ọ̀nà tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ kóòdù tó dúró lé ohun tó sọ, kẹ́ ẹ sì kọ èyí tó wà lábẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àkíyèsí. Tí irú rẹ̀ bá tún yọjú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ sọ àkíyèsí náà di kóòdù. Ẹ̀rín inú ìlà 44 ńkọ́? Ẹ má tíì sọ pé ìtìjú ni. Ẹ padà lọ gbọ́ ohùn náà. Ẹ̀rín lè jẹ́ ti ìtìjú tàbí ti ẹ̀gàn, ìwé kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín.

### Ọ̀fìn méjì tó ń mú àwọn agbẹ̀bí

*Ojú tó ti mọ́ ọn lára.* AG07 sọ pé: "Mo pè é, mo wá kọ gbogbo rẹ̀ sórí páátógíráàfù kó tó dé." Agbẹ̀bí tó ń ka èyí máa kọjá lára rẹ̀, torí ta ni kì í kọ páátógíráàfù? Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra. Ìpè ló kọ́kọ́ wáyé, kí ìwé tó tẹ̀ lé e. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe kó lè ran agbẹ̀bí lọ́wọ́ láti pinnu ti di ohun tó fi ń ti ìpinnu tó ti ṣe lẹ́yìn. Kóòdù rẹ̀: *kíkọ páátógíráàfù kó lè ti ìpè lẹ́yìn*. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń sọ nínú ọkàn yín pé "bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń ṣe", ẹ dúró, kẹ́ ẹ kọ kóòdù síbẹ̀.

*Ìdájọ́.* Lílù ọkàn ọmọ tó wà láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan la máa ń kà sí déédéé, torí náà 112 kò tíì jáde. Agbẹ̀bí mìíràn á kà á, á sì kọ *pípe dókítà láìnídìí*. Ẹlòmíràn á wo ojú ìyá, á kọ *pípẹ́ jù kó tó pè*. Ìdájọ́ ni méjèèjì. Kì í ṣe pé ẹ wá yẹ iṣẹ́ AG04 wò. Bó ṣe ń pinnu lẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fún un. Èrò tiyín, inú ìwé àkíyèsí ló máa wà.

### Ibi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí

Tábìlì nínú Excel tó fún àkọsílẹ̀ méjìlá. Ìlà kan fún kóòdù kan:

```
AG04 | 43-44 | "Tí mo bá pè é..." | bíbẹ̀rù orúkọ ojo bí ìpè bá já sófo
AG07 | 118   | "Mo pè é, mo wá kọ..." | kíkọ páátógíráàfù kó lè ti ìpè lẹ́yìn
```

Ẹ da ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e kọ pẹ̀lú, torí gbólóhùn tó bá dá dúró máa ń yí ohùn padà. Taguette jẹ́ ọ̀fẹ́, NVivo sì jẹ́ títà. Àwọn méjèèjì ń bá yín tọ́jú kóòdù, wọ́n sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí i kíákíá, àmọ́ rírò ṣì kù sí yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà lè fi ṣísọ́ọ̀sì àti bébà ṣe é láìsí ẹni tó máa bi í.

### Ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró

1. Lẹ́yìn ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ pa àwọn kóòdù tó jẹ́ ìbejì pọ̀.
2. Bí kóòdù kan bá ti kó ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù mọ́ra, ẹ là á. Ó ti fẹ̀ jù.
3. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni púpọ̀ nínú kóòdù yín fara hàn, ẹ ti há a jù. (Kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kan díẹ̀ kò burú o, ẹ má jù ú nù.)
4. Tẹ́ ẹ bá dé AG12, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti ẹ̀yìn, AG12 sí AG01. Ọ̀rọ̀ AG01 lẹ fi kọ́ṣẹ́, ó sì dájú pé kóòdù rẹ̀ ló máa rọ̀ jù.

Nígbà tí ìkà kejì kò bá yí nǹkan pàtàkì padà mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó kóòdù jọ

Ibí ni iṣẹ́ tí wọ́n dá padà yẹn ti máa ń ṣubú. Ẹ tẹ gbogbo kóòdù jáde, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó kó èyí tó jọra lórúkọ pọ̀: gbogbo èyí tó ní *dókítà* níhìn-ín, gbogbo èyí tó ní *ẹlẹgbẹ́* lọ́hùn-ún, *ìwé* níbí, *ẹ̀rù* níbẹ̀. Kó tó pẹ́, òkìtì mẹ́rin ti dúró, ó sì dà bíi pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ mú orúkọ òkìtì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ béèrè pé: ṣé ẹnì kan lè sọ pé irọ́ ni? "Dókítà" kò lè jẹ́ irọ́, kò sì lè jẹ́ òótọ́, torí kò tíì sọ nǹkan kan. Àkòrí ni. Kókó gbọ́dọ̀ lè di odindi gbólóhùn tó ń sọ ohun kan nípa ìbéèrè yín, tí ẹlòmíràn lè bá yín jiyàn lé lórí.

Ẹ wá wo kóòdù mẹ́ta yìí, tó wà nínú òkìtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀:

- *wíwá ẹnì kejì kó tó pè* (AG04, òkìtì ẹlẹgbẹ́)
- *kíkọ páátógíráàfù kó lè ti ìpè lẹ́yìn* (AG07, òkìtì ìwé)
- *yíyí ìfura padà sí nọ́ńbà* (AG02, òkìtì dókítà)

Ti AG02 yẹn wá láti ibi tó ti sọ pé òun tún ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, torí "dókítà ò ní gbọ́ tí mo bá ní ojú ẹ̀ yí padà; nọ́ńbà ló máa gbọ́." Ẹnì kan lo ẹlẹgbẹ́, ẹnì kan lo ìwé, ẹnì kan lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Ìfura ti wà lọ́kàn wọn, wọ́n wá ń wá ohun tí wọ́n máa fi gbè é lẹ́yìn. Gbólóhùn tó so wọ́n pọ̀: *Agbẹ̀bí máa ń kó ẹ̀rí jọ kó tó pè, torí ìfura nìkan kò tó.*

Kókó àkọ́kọ́ yín nìyẹn, ó sì gba inú òkìtì mẹ́ta kọjá. Bí kóòdù tó wà nínú òkìtì kan kò bá fìgbà kankan kúrò lọ sínú òmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tíì kúrò lórí àkòrí.

Àmì ewu:

- Orúkọ àwọn kókó bá àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ bi àwọn olùkópa mu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ bi wọ́n lẹ tò jọ.
- Kókó ń jẹ́ "ìpèníjà", "àǹfààní" tàbí "àbá". Agolo òfìfo ni wọ́n, kò sí ìwádìí tí wọn ò lè bá mu.
- Ẹ ń kọ ọ́ pé kókó "hù jáde" látinú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbé kókó yẹ̀ wò

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣe èyí.

Ní àkọ́kọ́, ẹ ka gbogbo àyọlò tó wà lábẹ́ kókó kan, tẹ̀ léra. Èyíkéyìí tí kò bá bá a mu á hàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, AG11 náà pe ẹnì kejì, kóòdù rẹ̀ sì wà lábẹ́ *wíwá ẹnì kejì kó tó pè*. Àmọ́ ohun tó sọ ni pé: "Iṣẹ́ ṣì tuntun sí mi nígbà yẹn, mi ò dá a mọ̀ bóyá ọrùn ilé ọmọ ti là tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún." Ẹni yìí kò kó ẹ̀rí jọ. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni kò dá a lójú. Kóòdù kan ti gbé ìtumọ̀ méjì. Ẹ là á sí *wíwá ẹlẹ́rìí fún ìpè* àti *bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù*, kẹ́ ẹ sì mú ti AG11 jáde kúrò lábẹ́ kókó yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ní kóòdù àtijọ́ yẹn, kẹ́ ẹ wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé èwo ni tirẹ̀ nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú gbogbo àkọsílẹ̀ méjìlá, kẹ́ ẹ wá ẹni tó ta ko kókó náà. Ẹ wá a tọkàntọkàn bíi pé ẹ fẹ́ kí kókó náà wó. Ẹ máa rí AG09, tó ní: "Èmi ò ní jókòó ti ẹ̀rí kankan. Tí ọkàn mi bá ti kọ̀ ọ́, mo ti pè nìyẹn." Ẹni tí ojú ń kán á fi AG09 sílẹ̀, á ní ẹnì kan péré ni láàárín méjìlá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìlà ogún tó ṣáájú. Ó ti sọ níbẹ̀ pé dókítà tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n pe òun bí ọkàn wọn bá ti kọ nǹkan, ì báà já sófo.

AG09 kò wó kókó yín. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ló fi hàn yín. Bí AG09 kò bá nílò ẹ̀rí torí pé ó mọ̀ pé wọ́n máa gba òun gbọ́, a jẹ́ pé ẹ̀rí tí àwọn yòókù ń kó jọ kì í ṣe nítorí ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan. Nítorí ẹni tó máa gbọ́ ìpè ni. Ẹ padà lọ wo AG04: wọ́n *á ní* ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ wo AG02: dókítà *ò ní gbọ́*. Ó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tún gbólóhùn kókó ṣe: *Bí agbẹ̀bí bá ṣe rò pé wọn ò ní gba òun gbọ́ tó ni ẹ̀rí tó máa kó jọ kó tó pè ṣe máa pọ̀ tó.*

Gbólóhùn yìí mú hánhán ju ti ìṣáájú lọ. AG09 ló sì mú un mú, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà nínú ìjábọ̀.

Kókó tó bá dá lé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ dà á mọ́ òmíràn tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá ní láti fi "àti" sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ là á. Bí kókó méjì bá ń jà lórí àyọlò kan náà léraléra, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan fún kókó kọ̀ọ̀kan: ohun tó sọ, ohun tó wọlé, ohun tí kò wọlé. Fún tiwa:

> Ìfura nìkan ò tó: kíkó ẹ̀rí jọ fún ẹni tó máa gbọ́ ìpè. Kókó yìí dá lé àkókò tó wà láàárín ìgbà tí agbẹ̀bí fura àti ìgbà tó pe dókítà, àti ohun tó fi ń kún àkókò náà: ẹlẹ́rìí, àkọsílẹ̀, nọ́ńbà. Ìwọ̀n ẹ̀rí náà tẹ̀ lé bó ṣe rò pé wọ́n máa gba òun gbọ́ sí. Bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù nítorí àìmọ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Bí gbólóhùn "kò sí lábẹ́ rẹ̀" bá ṣòroó kọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ olùkópa ṣe orúkọ kókó, ẹ rí i dájú pé ẹnì kan sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kẹ́ ẹ tó fi àmì àyọlò sí i.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́ jáde

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ fi àyọlò tì í lẹ́yìn, ẹ sì tú àyọlò náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn to àyọlò márùn-ún tẹ̀ léra pẹ̀lú "olùkópa mìíràn tún sọ pé" láàárín wọn. Ẹ yọ gbogbo àyọlò kúrò, kẹ́ ẹ ka ohun tó ṣẹ́ kù: ó yẹ kí àlàyé yín ṣì lè dá dúró. Ẹ má fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ iye ẹni tó sọ nǹkan láàárín èèyàn méjìlá.

Ewu kan wà tó jẹ́ ti irú ìwádìí wa gan-an. Àwọn agbẹ̀bí inú wọ́ọ̀dù kan kì í pọ̀, wọ́n sì mọ ohùn ara wọn. AG04 tẹ́ ẹ pa orúkọ rẹ̀ dà, ẹnì kejì tó bá a gbọ́ ọkàn ọmọ máa dá ìtàn náà mọ̀ kíá. Kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín:

- [ ] Ẹ yí ohun tí kò kan ìtumọ̀ padà tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́: òru tàbí ọ̀sán, oyún ìkelòó, iye ọdún tí agbẹ̀bí ti lò lẹ́nu iṣẹ́.
- [ ] Ẹ má to ọjọ́ orí, ipò àti ọdún iṣẹ́ olùkópa sínú tábìlì kan pẹ̀lú nọ́ńbà AG. Ẹ sọ ọ́ lápapọ̀.
- [ ] Ìtàn ìbí tó parí sí ikú ìyá tàbí ọmọ sábà máa ń ṣeé dá mọ̀. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí dípò kẹ́ ẹ yọ ọ́ lò.

## Àwọn ìbéèrè tó kù

Kókó mélòó ló tọ́? Fún ìwádìí bí èyí, méjì sí mẹ́fà. Tó bá ti di mẹ́sàn-án, àkòrí ti wọlé.

Súpáfáísọ̀ ní kí ẹlòmíràn bá mi kóòdù ńkọ́? Ẹ gbà á. Ẹ fún un ní àkọsílẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì jókòó sọ̀rọ̀ lórí ibi tẹ́ ẹ ti yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe agbẹ̀bí, ó dáa jù bẹ́ẹ̀, torí ó máa béèrè ìdí tí AG07 fi kọ páátógíráàfù lẹ́yìn ìpè. Ìjíròrò náà lẹ máa kọ sínú ìjábọ̀. Ẹ ò nílò kápà.

Mo ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ẹ dín ìbéèrè ìwádìí kù, ẹ má dín kíkà kù. Tí ìbéèrè wa bá di *kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìfura àti ìpè?*, apá tó nílò kóòdù nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan máa kéré gan-an. Bí ìwádìí náà bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí àwọn ìbéèrè rẹ̀ sì ti dúró, ẹ lè lo ọ̀nà alátẹ, ìyẹn framework method: olùkópa kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kókó kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, àkópọ̀ kúkúrú sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ó yá, ó sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí ẹni tó yàtọ̀ bíi AG09. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn, orúkọ tirẹ̀ lẹ sì gbọ́dọ̀ kọ sí orí kẹta.